Ìsinmi Ìbímọ: Ọjọ́ Wo Ni Ìwé Ilé Iṣẹ́ Yín Fi Ń Bẹ̀rẹ̀ Òǹkà?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá. Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà, tàbí ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ẹ bá mi ṣí ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín síbi tó ti sọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ. Nínú púpọ̀ nínú wọn, gbólóhùn kan péré lẹ máa bá níbẹ̀: “Òṣìṣẹ́ tí a ti gbà wọlé pátápátá, tó bá lóyún, yóò gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12.” Àlàfo ńlá méjì ló wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn. Àkọ́kọ́ kan ẹni tó tọ́ sí. Èkejì kan ọjọ́ tí òǹkà bẹ̀rẹ̀, òun ló sì máa ń fa ìjà jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa wí ní abala 54. Bí aláboyún bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ìwé náà sọ pé ó ṣeé ṣe kó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí i, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ sinmi. Bó bá wá bímọ tán, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin kò ní kó sinmi bó bá wù ú. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ gbà á láàyè láti ṣiṣẹ́. Kódà bí obìnrin náà fúnra rẹ̀ bá ní òun ti le, ọ̀gá kò gbọdọ̀ gbà á sílé iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan n’Íbàdàn. Ká ní akọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 3 oṣù Kejì, ọdún 2025, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ ₦120,000. Dókítà ní 15 oṣù Kẹwàá ni yóò bímọ. Ọ̀gá rẹ̀ ṣí ìwé ìlànà, ó ní ọdún kan gbáko ni àkókò ìdánwò àwọn, pé akọ̀wé yìí kò tíì di ẹni tí wọ́n gbà wọlé pátápátá, nítorí náà ìsinmi ìbímọ kò kàn án.

Ọ̀gá yìí ṣì í o. Ẹ̀tọ́ láti lọ sinmi kò ní í ṣe pẹ̀lú bí òṣìṣẹ́ ṣe pẹ́ tó rárá. Owó ni òfin so mọ́ àkókò: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ náà fún oṣù 6 láìdáwọ́ dúró kó tó lọ, ó kéré tán, ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa gbà ní gbogbo àsìkò tí òfin fún un yìí. Akọ̀wé wa ti pé oṣù 6 kí oṣù Kẹjọ tó jìnnà. Kò gbọdọ̀ gbà kéré sí ₦60,000 lóṣù. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ san odindi owó oṣù, ó dára bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ì bá fẹ́ kí gbogbo wọn san án, torí pé ìgbà tí ọmọ bá dé gan-an ni ìnáwó ń pọ̀. Àmọ́ kò sí ìwé ìlànà tó lè sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí òfin fi sí lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́. Akọ̀wé wa lọ sí ìsinmi ní Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ 6 gééré ṣáájú ọjọ́ tí dókítà dá. Ìwé ìlànà ní ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀gá kà á láti ọjọ́ tó lọ, ó wá sọ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 26 oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ọmọ kò dé ní 15 oṣù Kẹwàá. Ó di Sátidé, ọjọ́ 25, kí ìyá ìkókó tó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 tí wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kò pé títí di 6 oṣù Kejìlá. Bó bá lọ síbi iṣẹ́ ní 26 oṣù Kọkànlá bí ìwé ṣe wí, ilé iṣẹ́ ti rú òfin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n rò pé ìlànà tiwọn gan-an làwọn ń tẹ̀ lé. Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kejìlá, ló tọ́ kó padà.

Gbólóhùn mẹ́ta péré ló máa dí àlàfo yìí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Ìsinmi ìbímọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ 6 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bímọ gan-an. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé, iye ọjọ́ tó fi pẹ́ yóò kún ìsinmi náà.”

Ní ti ìfitónilétí, ìwé dókítà ni òfin béèrè. Ilé iṣẹ́ lè ní kí òṣìṣẹ́ tètè sọ, kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò di ipò rẹ̀ mú. Èmi máa ń fara mọ́ ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú. Ẹ ṣáà fi èyí tì í: “Bí ìrọbí bá dé láìròtẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ yóò fi tó wa létí bí àyè bá ti gbà wọ́n, kò sì ní pàdánù ẹ̀tọ́ kankan nítorí rẹ̀.” Nọ́ńbà fóònù tí ẹbí yóò pè ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, torí pé ọkọ tó wà ní yàrá ìgbẹ̀bí kò ní í ráyè jókòó kọ lẹ́tà.

Ìpadàsíṣẹ́ ńkọ́? Òfin kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fún obìnrin náà ní ìwé ìdáṣẹ́dúró nígbà tó wà nínú ìsinmi yìí, tàbí ìwé tí gbèdéke rẹ̀ yóò pé kó tó dé. Ohun tí abala náà kò là sílẹ̀ ni ipò tí yóò padà sí. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń fọgbọ́n gé òṣìṣẹ́: akọ̀wé dé, wọ́n ní ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀, pé kó lọ máa gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ipò kan náà, owó kan náà, ni yóò bá.

Bó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yóò máa gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú àkókò iṣẹ́. Òfin kò dá oṣù tí èyí yóò parí, nítorí náà ìwé tó bá ní oṣù 3 péré ti gé e kúrú. Ẹ dárúkọ yàrá tí yóò máa lò, kó ní ilẹ̀kùn tó ń tì. Ilé ìyàgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń fún oúnjẹ ọmọ. Ẹ sì lè gbà fún un, bó bá fẹ́, kó pa méjèèjì pọ̀ kó fi wákàtí kan ṣáájú lọ sílé.

Ó wá ku bàbá ọmọ. Òfin Iṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa tirẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 14 tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà fún, òṣìṣẹ́ aládàáni kò lè fi gba ẹ̀tọ́. Ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé yín nìkan ni bàbá ọmọ ní. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ sì tún nìyí. Ká ní ọkọ akọ̀wé wa ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 níbi iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí dókítà dá, yóò parí ní 28 oṣù Kẹwàá. Ọmọ dé ní ọjọ́ 25. Ọjọ́ iṣẹ́ 2 péré ló kù fún un láti fi dúró ti ìyá àti ọmọ. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ìsinmi bàbá ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, tàbí ọjọ́ mìíràn tí bàbá bá yàn láàárín ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn rẹ̀.” Ìwé ilé ìwòsàn tó gbé ọjọ́ ìbí ọmọ ti tó fún un láti mú wá.