Oṣù Ìdiwọ̀n: Bí Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kì í Wọlé Déédéé Ṣe Lè San Owó Oṣù Fún Ara Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: èló ló yẹ kí ẹni tí kò mọ iye tí oṣù tó ń bọ̀ máa mú wá máa ná lóṣù? Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé kéèyàn ro owó ọdún kan pọ̀, kó pín in sí 12. Ìmọ̀ràn yẹn ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín.

Awakọ̀ kan mú ìwé kékeré kan wá bá mi. Inú ọkọ̀ ló máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, epo ti rin ín létí. Lálaalẹ́, kó tó sọ̀ kalẹ̀, ló ń kọ iye tó pa lọ́jọ́ náà sí i. Inú mi dùn sí ìwé yẹn gan-an, torí láìsí àkọsílẹ̀, àbá lásán la ó máa dá. Ṣùgbọ́n owó tó pa ló kọ, kì í ṣe owó tó kù sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, a kọ́kọ́ yọ owó epo kúrò nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, a ro gbogbo owó táyà, àtúnṣe àti ìwé ọkọ̀ ọdún náà pọ̀, a pín in sí 12, a sì yọ ìdá kan nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, yálà ọkọ̀ bàjẹ́ lóṣù náà tàbí kò bàjẹ́. Ohun tó kù lẹ́yìn èyí nìkan ni ilé lè fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín ni pé owó ọjà gbọ́dọ̀ padà sí ọjà. Èrè nìkan lẹ ó kà, ọjà tí ẹ sì tà láwìn kò tíì di owó títí oníbàárà yóò fi san án. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ onírúurú èèyàn, oṣù tí owó wọ àkáùntì yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe oṣù tí ẹ parí iṣẹ́. Kí ẹ sì ti yọ owó orí sápá kan kí ẹ tó kà á sí tiyín.

Nígbà tí a yọ gbogbo rẹ̀ tán, ohun tó kù fún awakọ̀ wa nìyí, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá: 100, 120, 130, 110, 70, 60, 50, 80, 110, 140, 150, 80. Mi ò dárúkọ owó ìlú kankan. Owó yòówù tí ẹ bá ń ná, ìṣirò náà ò yí padà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200, tí a bá sì pín in sí 12, ó di 100 lóṣù.

Ká ní ó wá ń ná 100 lóṣooṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní. Nígbà tí oṣù kẹrin bá parí, 60 ti kù sí i lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, ó ti wọ gbèsè 10. Nígbà tí oṣù kẹjọ bá fi máa parí, gbèsè náà ti di 80. Tó bá sì jẹ́ oṣù karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà, láìní nǹkan kan nílẹ̀, gbèsè 140 ni ìdákẹ́jẹ́ iṣẹ́ láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ yóò kó o sí. Iye tí ọdún mú wá ò yí padà o. Àwọn oṣù tí kò dáa ló so pọ̀ tẹ̀lé ara wọn, àròpín kì í sì í fi ìyẹn hàn.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń to oṣù 12 náà láti orí èyí tó kéré jù, kí n sì mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ti awakọ̀ yìí ni 50, 60, 70. Nítorí náà, 70 ni oṣù ìdiwọ̀n rẹ̀, iye tí yóò máa san fún ara rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ló dé tí a ò mú 50? Ó lè jẹ́ oṣù àìsàn tàbí oṣù tí ọkọ̀ dúró sílẹ̀, bí ilé bá sì gbìyànjú láti fi í gbé ọdún kan, wọn yóò fún ara wọn lọ́rùn títí wọn yóò fi pa ètò náà tì. Ọgbọ́n ọwọ́ mi ni, kì í ṣe òfin.

Ẹ gbé iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ilé ò lè ṣe láìní: oúnjẹ, ìdá owó ilé, ìdá owó ilé ẹ̀kọ́, iná, oògùn. Tirẹ̀ jẹ́ 66, ó ṣeé gbé. Ká ní ó jẹ́ 85 ni, mi ò ní purọ́ fún un: kò sí owó ìpamọ́ tó lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Àfi kó dín nǹkan kù tàbí kó wá ọ̀nà kún owó tó ń wọlé.

Ó wá ku owó ìpamọ́. Èló ni kó jẹ́? Bí ó bá ń ná 70, oṣù kẹfà máa fi 10 dín, oṣù keje máa fi 20 dín. Kòtò tó jìn jù nínú ọdún rẹ̀ jẹ́ 30 nìyẹn. Mo ní kó fi owó oṣù kan gbáko kún un, kó di 100. Oṣù kan yẹn ló máa jẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, kí ó má máa dúró de èrò.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo owó tó kù lẹ́yìn ìnáwó ọkọ̀ ń lọ sínú àkáùntì kan tí kò ní káàdì. Láti ibẹ̀ ló ti ń san 70 fún ilé lóṣooṣù. Ó fẹ́ máa gbà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì pín 70 sí mẹ́rin: 17.5. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ gidigidi. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, 17.5 lọ́nà 52 sì jẹ́ 910, nígbà tó jẹ́ pé 840 ni 70 lọ́nà 12. Owó oṣù kan odindi ló máa jò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ẹ pín 840 sí 52, kí ẹ mú 16.

Ká sọ pé ọdún tó tẹ̀ lé e rí bí ti àkọ́kọ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láìní nǹkan kan nínú ìpamọ́. Nígbà tí oṣù kẹta parí, 140 ti wà nínú ìpamọ́, awakọ̀ wa sì fẹ́ máa gba 80. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ iṣẹ́ kọjá ná. Ó kọjá, 160 ló ṣẹ́kù nígbà tí oṣù kẹjọ parí. Ẹni tó bá ń gba 80, kòtò rẹ̀ á jẹ́ 60, ìpamọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 140. Ó ti ní i, nítorí náà ó lè gbé e sókè. Ohun tó bá lé lórí 140 lẹ́yìn ìyẹn ló lè fi san gbèsè tàbí kó fi ra irinṣẹ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá kú tí wọ́n sì fi owó ìpamọ́ ilé tún un ṣe. Àpò méjì ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Bí iṣẹ́ bá dáa fún oṣù méjì tí ìpamọ́ ò sì pọ̀ sí i, owó ń gba ibòmíràn jáde. Ẹ ṣí ìwé. Bí ìpamọ́ bá sì wálẹ̀ kọjá ìlàjì nígbà tí kì í ṣe àsìkò ìdákẹ́jẹ́, oṣù ìdiwọ̀n yín ti di ti àtijọ́ nìyẹn, bóyá ọjà ti gbówó lórí tàbí oníbàárà ńlá kan ti lọ. Ẹ tún oṣù 12 tó sún mọ́ jù lọ tò, kí ẹ sì mú ẹlẹ́ẹ̀kẹta.