Àdúrà, Àṣàrò àti Ìtẹjúmọ́: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń jí ní kùtùkùtù, tí a ó ti ilẹ̀kùn, tí a ó kúnlẹ̀ tàbí kí a jókòó, tí a ó sì pe gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí yẹn ní àdúrà. Orúkọ náà kò burú. Àmọ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ohun tó sì ń gbani lọ́wọ́ ìṣòro ọ̀kan lè dá kún ìṣòro èkejì. Ẹni tí kò bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀ á máa fipá mú ara rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti sinmi, á sì máa sinmi níbi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Mo ti rí àwọn tó pa ìjókòó òwúrọ̀ wọn tì pátápátá nítorí èyí nìkan, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ọ̀nà àwọn Kristẹni àtijọ́ ni mo fẹ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ náà, torí òun ni mo mọ̀ dáadáa. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Guigo Kejì, ẹni tó di olórí ilé ìsìn Grande Chartreuse ní ọdún 1174. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó ní àkàbà tó lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run ní àtẹ̀gùn mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti èyí tí èmi yóò máa pè ní ìtẹjúmọ́, ìyẹn ni kí ọkàn dákẹ́ kó máa wo Ọlọ́run láìsọ nǹkan kan. Ó ní kíkà ló ń fi oúnjẹ sí wa lẹ́nu, àṣàrò ló ń rún un, àdúrà ló ń wá adùn rẹ̀ jáde, ìtẹjúmọ́ sì ni adùn náà fúnra rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àṣàrò tí kò bá ní kíkà nídìí lè ṣìnà, pé àdúrà tí kò bá ní àṣàrò nínú máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti pé kí èèyàn tó rí ìtẹjúmọ́ láìgba ọ̀nà àdúrà, iṣẹ́ ìyanu ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan nínú Bíbélì ká fi ṣe é. Mo mú Máàkù orí 10, ẹsẹ 46 sí 52, ìtàn Bartimeu afọ́jú tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ṣagbe. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀ẹ̀kejì lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibi tí ojú yín bá ti kọ́ lára ọ̀rọ̀ kan, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹsẹ 50 ló dá wa dúró: ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sọ nù, ó dìde, ó tọ Jésù lọ.

Àṣàrò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń wo ẹ̀wù náà. Ẹ̀wù alágbe ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fi ń bora lóru, òun ló sì ń tẹ́ sílẹ̀ gba owó lọ́sàn-án. Afọ́jú ṣì ni nígbà tó sọ ọ́ nù. Bí kò bá ríran padà, báwo ni yóò ṣe wá a rí láàárín ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀? Ìgbà yẹn ni ìbéèrè yóò yíjú sí èmi tí mò ń kà á: kí ni mo dì mú tí n kò lè jù sílẹ̀ àyàfi bí mo bá kọ́kọ́ ríran? Iṣẹ́ ni èyí o, ó sì ń rẹni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo àkókò yìí, "ó" ni mò ń pe Jésù nínú ọkàn mi. Ó dúró, ó ní kí wọ́n pè é wá, ó bi í léèrè. Mò ń ronú nípa rẹ̀, n kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà tí "ó" bá di "ìwọ" ni àdúrà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ pé, "Olúwa, ìwọ lo bi í pé kí ló ń fẹ́. Ohun tí èmi ń fẹ́ rèé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí," mo ti kúrò nídìí àṣàrò. Ọpọlọ ti sún sẹ́yìn díẹ̀, ìfẹ́ inú ló bọ́ síwájú: mò ń bẹ̀bẹ̀, mò ń dúpẹ́, mò ń jẹ́wọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ mò ń ṣàròyé. N kò mọ àmì tó rọrùn ju èyí lọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ èwo ló ń ṣe nínú méjèèjì.

Àmì náà wúlò, torí pé ó máa ń tú àṣírí àṣàrò tó ti yà kúrò lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù, tàbí tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí ìṣẹ́jú ogún bá kọjá tí "ó" kò tíì di "ìwọ" rárá, tí ẹ sì ti ń ronú ẹni tí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn fún, ìwàásù lẹ ń múra rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kò tíì di àdúrà. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ìwọ" láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí kò sì fún ọ̀rọ̀ kankan láyè kó wọ òun lára, ohun tó béèrè lánàá náà ni yóò tún béèrè lónìí, ní ọ̀rọ̀ kan náà àti ohùn kan náà, títí ẹnu yóò fi máa dá lọ fúnra rẹ̀.

Ìtẹjúmọ́ wá ń kọ́? Láàárín àdúrà náà, ọ̀rọ̀ lè tán. Kì í ṣe pé ọkàn ti rìn lọ, kì í sì í ṣe pé oorun ń kunni. Ohun tí a fẹ́ sọ la ti sọ, kò sì wù wá láti dìde. A mọ̀ pé a kò dá wà. Ó lè pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, ó lè gbà tó márùn-ún, ó sì lè má wá rárá fún oṣù púpọ̀. A kò lè fipá pè é. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni pé bó bá dé, ká má fi ọ̀rọ̀ lé e lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn ti ń ṣàṣìṣe. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á dà bí àìṣiṣẹ́ lójú wọn, ni wọ́n á bá yára kó ẹ̀bẹ̀ mìíràn bọnu.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tiwọn, ọ̀lẹ ni, tàbí oorun, tàbí ìbànújẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀? Jòhánù ti Àgbélébùú, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ará Sípéènì tó gbé ayé láàárín ọdún 1542 sí 1591, ni mo mọ̀ tó fara balẹ̀ jù lórí ìbéèrè yìí. Ó fi àmì mẹ́ta lélẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiyèméjì bóyá ó ti tó àkókò láti jáwọ́ nínú àṣàrò. Àkọ́kọ́, kò lè ṣe àṣàrò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì rí adùn kankan nínú rẹ̀. Èkejì, kò wù ú láti máa fi ọkàn yàwòrán ohun mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó sì dájú jù lọ, inú rẹ̀ ń dùn láti dá jókòó, kó kàn máa fi ìfẹ́ kíyè sí Ọlọ́run, láìro ohun kan pàtó. Ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé.

Ẹ wò ó lára obìnrin kan tó ti ń ṣe àṣàrò láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, bó bá ka ìtàn Bartimeu, ẹ̀wù náà kò sọ nǹkan kan fún un mọ́. Àmì àkọ́kọ́ ti wà. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, a kò tíì lè sọ nǹkan kan, torí ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò pa pọ̀ ni. Nítorí náà a ó bi í pé: nígbà tí àṣàrò kò ṣeé ṣe, níbo ni ọkàn rẹ ń lọ? Bó bá ní òun ń ṣírò owó, òun ń ronú ìjà àná, tí ìyẹn sì dùn mọ́ òun, a jẹ́ pé àmì kejì kò sí. Kó padà sídìí ìwé rẹ̀, kó sì kà á sókè ketekete. Àmọ́ bó bá ní àwọn ìrònú yẹn ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ wọn, a ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta: bí o bá jókòó láìṣe nǹkan kan níwájú Ọlọ́run, ṣé ó ń wù ọ́ láti dìde? Bó bá ní rárá, pé kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òun ń fipá wá gan-an ló ń ni òun lára, kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó sì jókòó.

Jòhánù mọ̀ pé nǹkan kẹta lè wà nídìí rẹ̀. Ó sọ pé àìrí adùn nínú àṣàrò bẹ́ẹ̀ lè wá láti inú àìlera ara, tàbí láti inú ìsoríkọ́. Bí oúnjẹ kò bá dùn lẹ́nu obìnrin yìí mọ́, tí oorun ń dá lójú rẹ̀, tí iṣẹ́ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kó lọ rí dókítà. Olùdarí ẹ̀mí tó bá sọ fún un pé ìtẹjúmọ́ nìyẹn ti ṣe é ní ibi.

Jòhánù kò sì ní kí èèyàn sọ ìwé rẹ̀ nù. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìtẹjúmọ́ yóò ṣì máa padà sídìí àṣàrò lọ́jọ́ tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà kò bá wá. Ó tún ní ìtẹjúmọ́ lè fúyẹ́ débi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n má fi òwúrọ̀ kan ṣe ìdájọ́. Kí wọ́n wo oṣù kan tàbí méjì pa pọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní àwọn kò mọ̀wé, ẹnu nìkan ni àwọn fi ń gbàdúrà, ṣé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ni àwọn máa wà títí ni? Mo dá wọn lóhùn pé, "Rárá o, ìyá mi." Tẹ̀rẹ́sà ti Ávila, ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ará Sípéènì tó mọ Jòhánù dáadáa tí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́, sọ nípa ẹnì kan tí òun mọ̀, tí kò lè gba àdúrà mìíràn ju èyí tí à ń fẹnu sọ lọ. Inú ẹni náà bàjẹ́, ó wá bá Tẹ̀rẹ́sà pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìtẹjúmọ́. Nígbà tí Tẹ̀rẹ́sà bi í léèrè bó ṣe ń gbàdúrà, ó rí i pé nídìí "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" tí obìnrin náà ń kà ní àkàtúnkà, ó ti wà nínú ìtẹjúmọ́ láìmọ̀. Tẹ̀rẹ́sà fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé fún ọdún méjìdínlógún, àyàfi lẹ́yìn tí òun bá gba Ara Olúwa, òun kò jẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà láìsí ìwé lọ́wọ́, kódà láwọn ọjọ́ tí òun kò ní ṣí i rárá.

Ìyá náà wá béèrè pé, kí ni kí àwọn ṣe lọ́la? Mo ní kí wọ́n sọ "Baba wa" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ́ra, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dá wọn dúró, kí wọ́n má tíì sọ èyí tó kàn.