Ẹ Má Jẹ́ Kí Sọbútáítù Wàásù Ṣáájú Pásítọ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwàásù Sọ́ńdè sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ pásítọ̀ tán, ẹ ti ṣí Subtitle Edit, fídíò wà lókè, àwòrán ohùn wà nísàlẹ̀. Ó dáa, mi ò ní padà sórí ìyẹn. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ni ká jókòó sí: ibi tí pásítọ̀ bá ti dákẹ́.

Ẹ gbọ́ ọ báyìí. Pásítọ̀ ń wàásù l'Ẹ́pẹ́ níbí. Ó ní, “Ọlọ́run tó mú yín la Òkun Pupa já…” Ó dákẹ́. Ó wo ìjọ lójú. Ẹnì kan ti ń ké “Bẹ́ẹ̀ ni sà!” lẹ́yìn. Ó ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó là á: “kò ní fi yín sílẹ̀ létí Jọ́dánì.” Ìjọ bú sáyọ̀.

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, sọbútáítù kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń wò ó lórí fóònù ti ka Jọ́dánì tán kí pásítọ̀ tó mí! Ẹ ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì fi ìṣẹ́jú àáyá 8 wà lójú fídíò. Tó bá ti kọjá 7, ojú á padà síbẹ̀rẹ̀, á tún un kà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
41
00:14:08,200 --> 00:14:11,300
Ọlọ́run tó mú yín la Òkun Pupa já,

42
00:14:13,400 --> 00:14:16,400
kò ní fi yín sílẹ̀ létí Jọ́dánì.
```

Ẹ wo àárín 11,300 sí 13,400. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ FI SÍLẸ̀ BẸ́Ẹ̀. Mo tún un sọ: Ẹ FI SÍLẸ̀ BẸ́Ẹ̀! Pásítọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Àfi tí àlàfo náà ò bá tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá: nígbà náà, ẹ fa ti àkọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ èkejì, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń tàn tó ń kú wàràwàrà máa ń dà wá lójú rú.

Ibi tí ìlà ohùn bá ti kọ́kọ́ gbéra ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tó parí sí, ẹ fún ojú ní àyè díẹ̀, 0.3 tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ibi tó ga jù nínú àwòrán ohùn ṣọ́ọ̀ṣì kì í sábà jẹ́ ti pásítọ̀. “Àmín!” ìjọ ni. Gbọ̀ngàn náà tún ń dá ohùn padà, ìró á máa fà lẹ́yìn tí ẹnu ti pa dé. Etí ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú nìkan. Bí ẹni tó wà nídìí míksà bá lè fún yín ní ohùn máìkì pásítọ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́.

Ó wá ku gígé ìlà. Ìlà kan kì í ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà 2 lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. Àwọn ìyá tó ń gé ẹja lọ́jà Olúwo mọ ibi tí ọ̀bẹ ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà níbi tí a kì í gé. “Kò,” “ń,” “máa,” “yóò”: ẹ má yà wọ́n nípa sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé wọn láéláé. Ẹ wo èyí:

```
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé
Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà yín.
```

Ìlà 2, ojú KAN. Bí ẹ bá pín in sí ojú méjì ńkọ́? Ìlà kejì á dá dúró lábẹ́ àwòrán pásítọ̀. Ẹnì kan á ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, á gbé e síta. Ẹ tún un kà. Ṣé ẹ rí i?

Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà lè di pupa sí yín lójú nínú Subtitle Edit, bíi pé lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ jù fún àkókò rẹ̀. Lẹ́tà 56 ni, àlàfo wà nínú rẹ̀. Bó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 3.4, kò tó lẹ́tà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ ṣètò rẹ̀ sí. Kí ló wá fà á? “ọ́” àti “ẹ́” ni. Kọ̀ǹpútà ń fi lẹ́tà pamọ́ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, ó sì lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. 56 á di 60. Ẹ má torí ìyẹn yọ àmì ohùn: “ẹsẹ” tí pásítọ̀ ní kí ìjọ ṣí lè di “ẹsẹ̀” lójú ẹni tó ń kà á. Ẹ fi 0.2 kún àkókò rẹ̀, pupa á lọ. Kí ẹ sì yan UTF-8 nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi pamọ́, kí “ọ” má baà di àmì ìbéèrè.