Ìgbéga Mi, àti Alẹ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Kọ Ọ̀rọ̀ Nípa Rẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, nínú yàrá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, òjò sì ń pa fèrèsé.

Wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti di ẹnjinníà àgbà báyìí nídìí iṣẹ́ sọ́fítíwíà, inú mi sì dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ kékeré tí mo gbé sórí LinkedIn.

Bí èèyàn bá yí orúkọ ipò rẹ̀ padà níbẹ̀, wọ́n á ti bá a gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, gbogbo ayé ló sì ń lo gbólóhùn yẹn. Mo pa “Notify network” kí ó má baà jáde fúnra rẹ̀. Mo wá jókòó láti kọ tèmi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́wọ́ ni “humbled”, torí òun ni mo ń kà lójoojúmọ́. Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá fún ara mi: “Wọ́n gbé mi ga, ó sì rẹ̀ mí sílẹ̀.” Báwo? Mo pa á rẹ́. Ta ni màá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún nílé tí kò ní wò mí lójú?

Lálẹ́ kejì, mo kọ “àwa” síbi gbogbo: a ṣe èyí, a tún tọ̀hún ṣe. Ó dà bí ọmọlúàbí, àmọ́ ẹnìkan kì í jẹ́ “àwá dé”. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ ohun tí èmi ṣe, kò sì ní mọ ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Mo wá rí i pé kí n kàn sọ iṣẹ́ náà bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ètò ìsanwó ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnì láti sanwó, ìbéèrè náà á lọ sí báńkì, báńkì á yọ owó, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ lè pẹ́ lójú ọ̀nà. Ètò wa á rò pé kò bọ́ sí i, á tún fi ìbéèrè náà ránṣẹ́, owó á sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo ṣe ni pé fóònù oníbàárà á ti fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan kó tó kúrò níbẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá tún fi ìbéèrè náà ránṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni yóò lò. Bí nọ́ńbà náà bá ti wà lọ́dọ̀ wa, èsì àkọ́kọ́ la ó dá padà, a kò ní kan báńkì mọ́.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni pé kóòdù mi ń wò ó bóyá nọ́ńbà náà ti wà, lẹ́yìn náà ló tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìbéèrè méjì tó ní nọ́ńbà kan náà bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á wò, wọn ò ní rí nǹkan kan, àwọn méjèèjì á sì yọ owó. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ló rí i nígbà tó ń yẹ kóòdù mi wò. Ó ní kí n fi `UNIQUE` sórí nọ́ńbà náà nínú dátábéèsì, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí a tó lọ bá báńkì, kí èyí tó bá dé ṣìkejì má lè wọlé.

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Mo ní iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe ni kí owó má jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní èmi ni mo gbé ètò náà kalẹ̀, pé ẹnìkejì mi ló sì rí ihò tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó sọ pé ipò mi ti yí padà. Ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ ibi tí yóò ti ka ìyókù, nítorí náà mo fi iṣẹ́ náà síwájú, ipò tẹ̀lé e. N kò kọ iye owó tàbí iye oníbàárà, torí ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì mi kí n tó dárúkọ rẹ̀. Òun náà ti ń retí ìgbéga lọ́dún yìí, kò sì bọ́ sí i. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ kí n tó béèrè. Ó ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, “Fi orúkọ mi sí i, kí ọ̀gá wa rí i.” Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo pe màámi nílé. “Ẹ kú ilé, mà,” ni mo wí, mo sì sọ fún wọn. Wọn ò béèrè ohun tí ẹnjinníà àgbà ń ṣe. Oríkì mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì, Àjàní, láti orí bàbá bàbá mi wá. Mo dúró sídìí fèrèsé, mo gbọ́ ọ títí tí wọ́n fi ki oríkì náà tán.