Ìpínrọ̀ Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Kéde Ọ̀nà Ìsanwó Tuntun fún Oníròyìn Tí Kò Ráyè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni a máa jọ yẹ̀ wò lónìí, a ó sì tún un kọ níṣojú ara wa. Òun ni ìpínrọ̀ tó máa ń ṣáájú nínú àtẹ̀jáde tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ fún àwọn oníròyìn pé ọ̀nà tuntun kan ti dé tí èèyàn lè gbà sanwó. Ọdún mélòó kan ni mo fi wà lọ́dọ̀ àwọn olóòtú tí wọ́n ń gba irú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀, kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ka èyí tí mo kọ láti fi ṣe àpẹẹrẹ:

"Inú Ilé-iṣẹ́ A, aṣíwájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣúná, dùn láti kéde ojútùú ìsanwó ìgbàlódé tó dá lórí NFC, èyí tí yóò yí ètò ìsanwó padà pátápátá, tí yóò sì jẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa gba owó lọ́fẹ̀ẹ́, lójú ẹsẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá wà."

Ẹ fi ara yín sípò oníròyìn. Ìròyìn méjì ló gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ tó kanrí, àpótí lẹ́tà rẹ̀ sì kún. Kò ní ka àtẹ̀jáde yín tán kó tó pinnu. Yóò wo àkọlé, yóò wo gbólóhùn àkọ́kọ́, ohun tó sì ń wá níbẹ̀ ni: kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló sì kàn? Nínú ìpínrọ̀ tí a kà yìí, ohun àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni pé inú ilé-iṣẹ́ kan dùn. Ó kà á dópin, kò sì tíì mọ̀ bóyá káàdì ni wọ́n ń sọ ni, àbí fóònù, àbí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé sórí káńtà. Bí a bá ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún olóòtú rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí a kọ́kọ́ máa ṣe ni pé a ó gbé ìpínrọ̀ náà tì, a ó sì lọ bi àwọn tó ṣe ọjà náà léèrè: kí ni èèyàn ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe? Ìdáhùn wọn nìyí: ẹni tó ń tajà yóò ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀, yóò tẹ iye owó sí i, oníbàárà yóò sì fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀yìn fóònù náà. Ọlọ́jà kò nílò ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa gba káàdì. Ìròyìn wa gan-an nìyẹn. NFC tí ìpínrọ̀ wa ń pariwo jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí káàdì àti fóònù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra. Ìpínrọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni àyè rẹ̀ wà.

Nígbà tí Safaricom gbé M-Pesa jáde ní Kenya lóṣù kẹta ọdún 2007, nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ díjú: owó tó ń rìn lórí ìlà fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gbé e, àwọn aṣojú tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn tí wọ́n sì ń san án padà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kò ju pé kí èèyàn fi owó ránṣẹ́ sílé. Mo mọ̀ pé ìpolówó kì í ṣe àtẹ̀jáde, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe ni. Irú rẹ̀ ni à ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́. Ọjọ́ tí a kéde ọjà àti ọjọ́ tí èèyàn lè lò ó máa ń yàtọ̀ síra lọ́pọ̀ ìgbà. Apple kéde Apple Pay ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Amẹ́ríkà nìkan. Ó ju oṣù kan lọ láàárín wọn. Bí ìpínrọ̀ yín bá sọ pé "lónìí ni a gbé e jáde" nígbà tó jẹ́ pé ìkéde nìkan ni ẹ ṣe lónìí, oníròyìn yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn yóò wá a, wọn kò sì ní rí i. Ọjọ́ tí ẹni tó ń kà á lè lò ó ni kí ẹ kọ sínú gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ẹ sì dárúkọ oṣù. Ẹ má kọ "láìpẹ́".

Ibi tó gba sùúrù jù ló kàn báyìí, ìyẹn "lọ́fẹ̀ẹ́" àti "lójú ẹsẹ̀". Ọ̀rọ̀ ìsanwó yàtọ̀ sí ti ọjà mìíràn nítorí pé ẹni méjì ló wà nídìí owó kan náà, ohun tó sì jẹ́ òtítọ́ fún ọ̀kan lè jẹ́ irọ́ fún èkejì.

Ẹ gbé "lójú ẹsẹ̀" wò. Nígbà tí oníbàárà bá fi káàdì kan fóònù, ìbéèrè ló ń lọ bá báńkì tó fún un ní káàdì: ṣé owó wà níbẹ̀, ṣé káàdì náà ṣì dára? Báńkì yóò dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fóònù yóò sì fi hàn pé ó ti yọrí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ni ó dé yẹn, owó kò tíì dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn báńkì tó kàn yóò ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ èkejì, tí owó yóò sì wá wọ àkáǹtì ọlọ́jà. Lọ́dọ̀ Ilé-iṣẹ́ A, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló ń wọlé. Nítorí náà, ojú ẹsẹ̀ ni fún ẹni tó ń sanwó, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbà á, ẹni tó ń gbà á yìí sì ni ìpínrọ̀ wa ń bá wí.

Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì máa ń kọ "T+1" fún ọjọ́ náà. Àwa tí à ń kọ Yorùbá ní láti ṣọ́ra níbí, torí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíkà wọn lẹ́yìn ọjọ́ tí a ṣòwò, àwa sì máa ń ka ọjọ́ náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá kọ "ní ọjọ́ kejì", ẹnì kan yóò gbọ́ ọ̀la, ẹlòmíràn tó ń fi òǹkà báńkì rò ó yóò gbọ́ ọ̀túnla. "Ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e" kò fi àyè àṣìgbọ́ sílẹ̀, ó sì ti yọ òpin ọ̀sẹ̀ kúrò.

"Lọ́fẹ̀ẹ́" náà rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kò ní san nǹkan kan lé owó ọjà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú owó tó ń bọ̀ wá bá ọlọ́jà. Nínú rẹ̀ ni báńkì tó fúnni ní káàdì, ilé-iṣẹ́ tó ni àmì orí káàdì, àti ẹni tó ń bá ọlọ́jà gba owó náà ti ń mú tiwọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdá 1 nínú 100 ni Ilé-iṣẹ́ A ń yọ. Bí ẹni tó ń yọ ìdá 1 bá kọ "lọ́fẹ̀ẹ́" sí gbólóhùn kan náà pẹ̀lú "oníṣòwò", ó ti kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo rí irú èyí rí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àwọn olóòtú. Ilé-iṣẹ́ kan kọ "lọ́fẹ̀ẹ́", akọ̀ròyìn wa tí kò ráyè gbé e bó ṣe rí, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọlọ́jà ti ń fi ẹ̀rí ohun tí wọ́n yọ lọ́wọ́ wọn ránṣẹ́ sí wa. A tẹ àtúnṣe. Inú akọ̀ròyìn náà bàjẹ́ gan-an, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè ìròyìn. Láti ìgbà yẹn, ẹnì kankan nínú wa kò gbé àtẹ̀jáde ilé-iṣẹ́ náà jáde láìkọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé a kì í sábà gbé e jáde rárá.

"Níbikíbi" kò gba wa lákòókò: ẹ kọ orúkọ ibi tí áàpù ti ń ṣiṣẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo bó ṣe rí báyìí:

"Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, àwọn tó ń tajà ní Ìlú B lè fi fóònù Android wọn gba owó látorí káàdì oníbàárà, láìra ẹ̀rọ mìíràn. Oníbàárà yóò fi káàdì kan ẹ̀yìn fóònù náà, owó yóò sì wọ àkáǹtì ọlọ́jà ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí Ilé-iṣẹ́ A, tó ṣe áàpù náà, bá yọ ìdá 1 nínú 100."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò bínú pé orúkọ òun kò ṣáájú. Mo ti jókòó nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn, kí a fi ṣáájú. Bí wọn kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ohun tí ọjà náà ń ṣe ló máa jẹ́ kí oníròyìn ka gbólóhùn náà dé ibi tí orúkọ wà. Ìdùnnú ọ̀gá náà lè wọ ìpínrọ̀ kẹta, nínú ọ̀rọ̀ tó bá sọ fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo fóònù Android ló lè ka káàdì; àwọn mìíràn kò ní NFC rárá. "Fóònù Android wọn" ti ṣe ìlérí fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè ṣe é. A kò sì nílò láti mú NFC padà wá. A ó kọ "fóònù Android tó lè ka káàdì", ó tán. Bákan náà, bí Ilé-iṣẹ́ A kì í bá ṣe báńkì, tó sì jẹ́ pé báńkì kan ló ń bá a di owó náà mú, orúkọ báńkì náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé ìwọ̀nyí. Ìbéèrè tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn olóòtú lemọ́lemọ́ ni pé lọ́wọ́ ta ni owó wà ní alẹ́ tí kò tíì dé àkáǹtì.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pe ẹnì kan tí kò sí nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ ka ìpínrọ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, kó sì sọ fún yín ẹni tó ń sanwó, ẹni tó ń gbà á, ọjọ́ tí yóò gbà á, àti iye tí wọn yóò yọ. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Lẹ́yìn tí ìròyìn bá jáde, ẹ gbé gbólóhùn àkọ́kọ́ tí oníròyìn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ sì kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n pè yín láti béèrè sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣe é fún àtẹ̀jáde kan báyìí, oníròyìn mẹ́ta ló pè, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi mí: bí oníbàárà bá ní kí wọ́n dá owó òun padà, ṣé ọlọ́jà yóò rí ìdá 1 tí wọ́n ti yọ gbà? N kò kọ ọ́ sínú àtẹ̀jáde náà rárá.