Owó Ojú Fóònù, Owó Ìsàlẹ̀ Àpò: Kí Ló Ń Kù fún Ẹni Tó Ń Fi Máṣíìnì Jíṣẹ́ fún Áàpù?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fún ilé-iṣẹ́ áàpù kan na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo owó tí mo pa lọ́sẹ̀ yìí." Owó náà dùn ún wò lóòótọ́. Mo ní ká jọ lọ wo aago tó ń ka kìlómítà lára máṣíìnì rẹ̀. A débẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu eruku ojú aago náà, ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sí mi létí. Mo béèrè pé èló ló wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé bí kò bá mọ iye kìlómítà tó rìn, a jẹ́ pé kò tíì mọ iye tó jẹ lọ́sẹ̀ náà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Owó ìlú kan kì í ṣe owó ìlú kejì, iye rẹ̀ sì ń yí padà. Nítorí náà, lítà epo bẹntiróòlù ni màá fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí mo bá ní nǹkan jẹ́ lítà 2, owó tó lè ra lítà epo 2 ni mò ń sọ. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí màá lò. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn bí ẹ bá délé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń fi máṣíìnì kékeré gbé ẹrù lọ́jọ́ 6 lọ́sẹ̀, wákàtí 10 lójúmọ́. Ó ń jíṣẹ́ 20 lójúmọ́, ìyẹn 120 lọ́sẹ̀. Láti ibi tó ti gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà jẹ́ kìlómítà 4.5, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Oníbàárà ń san lítà 2 lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí náà lítà 240 ni owó ọ̀sẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ áàpù yọ ìdá 20 nínú 100, ìyẹn lítà 48. Ó ku lítà 192.

Ẹ fara balẹ̀ níbi kọmíṣàn yìí, pàápàá ẹ̀yin tí oníbàárà ń san owó fún lọ́wọ́. Bí ẹ bá gba owó náà lọ́wọ́, odidi lítà 2 ló wọ àpò yín, ṣùgbọ́n áàpù ti kọ kọmíṣàn sílẹ̀ bíi gbèsè. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, ẹ ó rí i pé owó ọwọ́ yín pọ̀, pé iye tó wà nínú áàpù sì ti wọ ìsàlẹ̀ òdo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ná gbèsè yẹn kí wọ́n tó rántí pé ti ẹlòmíràn ni.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Iṣẹ́ 120 lọ́nà kìlómítà 4.5 jẹ́ kìlómítà 540, ohun tí áàpù rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n máṣíìnì náà rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rìn lọ síbi tí ẹrù wà, ó padà láti àdúgbò tí kò ti sí iṣẹ́, ó yí kiri láti wá ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, ó kúrò nílé láàárọ̀, ó sì padà lálẹ́. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀, aago máṣíìnì yóò fi kìlómítà 900 hàn. Kìlómítà 360 ni ìrìn òfìfo tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, epo sì ń jó níbẹ̀, táyà sì ń jẹ níbẹ̀, bíi ti ìrìn tó lówó.

Àwọn tó ń ṣe òfin pàápàá ti rí ọ̀rọ̀ òfìfo yìí. Ní ọdún 2019, ìlú Niu Yọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin de owó tó kéré jù tí ilé-iṣẹ́ áàpù lè san fún awakọ̀. Wọn kò kàn dá iye kan lé máìlì àti ìṣẹ́jú tí èrò fi wà nínú ọkọ̀. Wọ́n tún fi 0.58 pín in, torí pé èrò kì í sí nínú ọkọ̀ ju nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 àkókò tí awakọ̀ fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ ni pé ìrìn tó lówó ni yóò gbé owó ìrìn òfìfo. Bí òfin kò bá ṣe é fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá yọ owó epo. Bí máṣíìnì bá ń rìn kìlómítà 40 lórí lítà kan, kìlómítà 900 yóò jẹ lítà 22.5. Ẹ má gba ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì kọ sínú ìwé gbọ́, nítorí pé wọn kò fi ẹrù sẹ́yìn, wọn kò sì dúró nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ẹ kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ nọ́ńbà aago sílẹ̀, ẹ lo máṣíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún un kún dé ẹnu. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ẹ ó fi pín kìlómítà tí ẹ rìn. Bí iye kìlómítà lórí lítà kan bá ń já wálẹ̀ láti oṣù dé oṣù, tí ọ̀nà àti ẹrù kò sì yàtọ̀, ẹ wo atẹ́gùn táyà, ṣéènì, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì tó lè máa di táyà mú.

Owó epo kò ní ẹ̀tàn nínú, torí pé ojoojúmọ́ lẹ ń san án. Gbígbó máṣíìnì ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ jẹni. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mẹkáníìkì ń gbà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ lítà 8 ní gbogbo kìlómítà 2,000. Táyà méjèèjì jẹ́ lítà 45 ní kìlómítà 15,000. Ṣéènì àti eyín rẹ̀ jẹ́ lítà 24 ní kìlómítà 12,000. Bí ẹ bá fi kìlómítà pín ìkọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì fi bíréèkì, pọ́lọ́ọ̀gì, bọ́ọ̀rìn àti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì kún un, gbogbo rẹ̀ yóò tó lítà 0.015 lórí kìlómítà kan. Fún kìlómítà 900, lítà 13.5 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ẹ kò ní san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ yóò dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí yóò ní ọ̀sẹ̀ yẹn burú. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò burú o, àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni kò san owó tiwọn.

Ọ̀nà kejì kì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rárá. Ká ní lítà 1,200 ni wọ́n ra máṣíìnì náà, tí yóò sì ṣeé tà ní lítà 300 lẹ́yìn kìlómítà 60,000. Lítà 900 ti sọnù lára rẹ̀, ìyẹn lítà 0.015 lórí kìlómítà kan, lítà 13.5 mìíràn lọ́sẹ̀. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, gbígbó máṣíìnì jẹ́ lítà 27, ó ju epo lọ. Bí mo bá sọ èyí, àwọn èèyàn máa ń jiyàn, torí pé epo ni ojú wọn ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó máṣíìnì díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Owó tí ẹ fi ra máṣíìnì ti wà nínú lítà 0.015 yẹn. Èlé orí gbèsè nìkan ni kẹ́ ẹ fi kún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ háyà rẹ̀ ni, owó háyà ló dípò lítà 0.015 kejì yìí.

Ẹ jẹ́ kí dátà, ìwé ọkọ̀ àti adójútòfò jẹ́ lítà 8 lọ́sẹ̀. Láti inú 192, ẹ yọ epo 22.5, gbígbó 27, àti 8 yìí. Ó ku lítà 134.5.

Wákàtí mélòó ló wá pa á? Áàpù lè sọ pé wákàtí 34, torí pé ìgbà tí iṣẹ́ kan ń lọ lọ́wọ́ nìkan ló ń kà. Lítà 192 tí a kò tíì yọ epo àti gbígbó kúrò nínú rẹ̀ ni yóò sì fi 34 yìí pín, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi lítà 5.6 hàn yín lórí wákàtí kan. Ṣùgbọ́n wákàtí 60 ni ọkùnrin yìí fi wà níta. Lítà 2.24 ló ń jẹ lórí wákàtí kan. Ìgbà tó fi jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò tíì sí níbẹ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí ti wúlò jù fún mi ni ìgbà tí iṣẹ́ bá dún lórí fóònù. Epo jẹ́ lítà 0.025 lórí kìlómítà kan, gbígbó jẹ́ 0.03, àpapọ̀ 0.055. Iṣẹ́ lásán tó san lítà 2 fi 1.6 sílẹ̀ lẹ́yìn kọmíṣàn. Ìrìn rẹ̀, pẹ̀lú òfìfo, jẹ́ kìlómítà 7.5, ó jẹ lítà 0.41. Lítà 1.19 kù, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lójijì, iṣẹ́ kan dé tó san lítà 3.5. Inú yín dùn. Kọmíṣàn yọ, ó ku 2.8. Kìlómítà 2 lẹ ó fi lọ gbé ẹrù, 14 lẹ ó fi gbé e lọ sí àdúgbò tí iṣẹ́ kì í ti jáde, 14 lẹ ó fi padà lófìfo. Kìlómítà 30 jẹ lítà 1.65. Lítà 1.15 ló kù, ó sì gbà yín ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ san ìlọ́po méjì kò tó iṣẹ́ kékeré. Bí iṣẹ́ bá wà fún yín láti gbé padà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹ wo ibi tí iṣẹ́ ń parí sí kí ẹ tó wo iye tó san.

Nígbà tí mo parí àlàyé yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ látẹ̀yìnwá, báwo lòun ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mo ní kó sọ iye tó ra máṣíìnì, kó sì pe ẹni tó ń ra èyí tí wọ́n ti lò, kó bi í ní iye tó lè san lónìí. Ó pè é níwájú mi. Tuntun ló rà á, ní iye tó tó lítà 1,200. Oníṣòwò náà ní òun kò lè san ju iye tó tó lítà 450 lọ. Aago máṣíìnì wà ní kìlómítà 50,000. A fi 50,000 pín 750, ó fún wa ní 0.015. Ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló fi rin ìrìn yẹn. Ó bi mí pé níbo ni lítà 750 náà wà. Mo ní ó ti wà lójú fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, lítà 13.5 lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, lábẹ́ orúkọ èrè.