Ohùn Nọ́ọ̀sì Kò Gbọdọ̀ Tún Ohun Tí Ojú Rí Sọ

Ẹ kú ìjókòó o. Fídíò tí ilé ìwòsàn fi ń wá nọ́ọ̀sì ni a bá wá sí Yábàá lónìí, èyí tó ń fi eré àti ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àfihàn ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè ní kí n kọ ọ̀kan tí kò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá 90 lọ. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ nínú dáńfó, ohùn rẹ̀ ní, “Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń dé ibiṣẹ́.” Ó ń fún aláìsàn lóògùn, ohùn ní, “Mo máa ń tọ́jú aláìsàn.” Mátíróònù kà á tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú wa ò kúkú fọ́.”

Mo fa ìwé náà ya. Mo lọ jókòó ti àwọn nọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. N kò bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ìdáhùn bíi ti ìdánwò ni ìbéèrè yẹn ń mú wá. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, “Kí lẹ sọ fún ará ilé lẹ́yìn iṣẹ́ àná?” Ọ̀kan ní bàbá kan kọ̀ láti gba oògùn lọ́wọ́ òun, ó kọjú sí ògiri, àfìgbà tí òun jókòó tì í.

Bí eré náà ṣe jáde nìyẹn. Bàbá kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ oògùn kalẹ̀, ó fa àga, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn wọlé: “Iṣẹ́ mìíràn ń dúró, ṣùgbọ́n mo jókòó.” Àwòrán kò lè sọ èyí fúnra rẹ̀. Eré náà gba ìṣẹ́jú-àáyá 15, ohùn gba 4. Ariwo fáànù àti ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ló ni ìyókù. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ tí ohùn máa sọ sókè, kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló máa wò ó, wọn á sì tètè já irọ́. Mo ti kọ ọ́ pé kí nọ́ọ̀sì inú eré béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Àlàbí?” Mátíróònù fagi lé e. Ẹni tí oorun ń kùn, tàbí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, lè ní bẹ́ẹ̀ ni sí orúkọ ẹlòmíràn. “Kí lorúkọ yín, bàbá?” ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n tó fi báńdì orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ wé ìwé oògùn. Òṣèré ni kí bàbá náà jẹ́ o, kì í ṣe aláìsàn, kí fáìlì ẹnikẹ́ni má sì hàn.

Ọ̀gá kan ní kí n yọ “iṣẹ́ mìíràn ń dúró” kúrò, pé ó lè lé ènìyàn sá. Mátíróònù ní, “Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá dé á rí i lọ́jọ́ kìíní.” Ó ṣì wà níbẹ̀.